Àdéhùn iṣẹ́ àwòrán fún Gàrí Ọmọ Kétu

Àjàṣẹ́, Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá 2025

Àwa méjì tí a jọ ṣe àdéhùn yìí ni èmi, Ràfíù, ayàwòrán orí kọ̀ǹpútà tí ń gbé ní Wándó, Àjàṣẹ́, àti ẹ̀yin, Àdùkẹ́, tí gbogbo ọjà Kétu mọ̀ sí Ìyá Fúnmi, tí ẹ ń yan gàrí, tí ẹ sì ń tà á fún àwọn ará Kútọnu lórí Facebook àti WhatsApp. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ nítorí pé Yorùbá la fi dúnàá-dúrà, kò sì yẹ kí èèyàn buwọ́ lu ìwé tí ẹlòmíì ní láti túmọ̀ fún un. Fúnmi máa kà á sí yín létí kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Ibi tí kò bá yé yín, ẹ dá Fúnmi dúró níbẹ̀, kí ẹ pè mí. A máa tún gbólóhùn náà kọ.

Iṣẹ́ tí mo gbà

Ohun mẹ́ta ni.

Àkọ́kọ́ ni àmì ìdánimọ̀ gàrí yín: igbá gàrí kan tí ó wà lẹ́nu Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu, bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, pẹ̀lú orúkọ "Gàrí Ọmọ Kétu" lábẹ́ rẹ̀. Mo máa ya àpẹẹrẹ mẹ́ta tí wọn kò jọra, ẹ máa mú ọ̀kan, ọ̀kan yẹn ni mo máa ṣe parí. Ìkejì ni ìwé ìlẹ̀mọ́ ara ọ̀rá, ọ̀kan fún ọ̀rá kílò 1, ọ̀kan fún ti kílò 5. Ìkẹta ni àwòrán ìpolówó mẹ́wàá: mẹ́fà fún Facebook, 1080 × 1080, àti mẹ́rin fún ibi tí ẹ ń fi nǹkan hàn fún wákàtí 24 lórí WhatsApp, 1080 × 1920.

Ọ̀rọ̀ wà lórí bí a ṣe máa kọ orúkọ náà. Álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ń lo ɔ níbi tí àwọn ará Nàìjíríà ti ń lo ọ. Ẹ ti sọ fún mi pé ọ ni ẹ fẹ́, nítorí àwọn tí ń ti òdìkejì ààlà wá ra gàrí lọ́wọ́ yín. Ọ náà ni mo máa lò, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé pérépéré. Lẹ́tà Noto Sans ni mo máa fi kọ ọ́. Mo mọ̀ pé lẹ́tà tí ẹ fi hàn mí wù yín ju èyí lọ, àmọ́ mo ti dán an wò: àmì orí "à" sá lọ sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, àmì abẹ́ "Ọ" kò tilẹ̀ jáde rárá. Noto Sans kò ní ìṣòro yẹn, ọ̀fẹ́ sì ni, ẹnikẹ́ni kò ní wá bi yín ní owó rẹ̀ lọ́la.

Ohun tí kò sí nínú iṣẹ́ yìí: títẹ ìwé náà jáde, yíya fọ́tò, dídá àwọn oníbàárà yín lóhùn, àti fíforúkọ àmì náà sílẹ̀ ní OAPI, àjọ tí ń forúkọ àmì ọjà sílẹ̀, ní Yaúndé. Ti OAPI yìí, mo rọ̀ yín pé kí ẹ má fi falẹ̀. Ọdún 10 ni ìforúkọsílẹ̀ kan fi máa ń ṣiṣẹ́, a sì lè sọ ọ́ dọ̀tun. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣe é, nítorí pé ẹ̀yin lẹ ni ọjà náà.

Ohun tí mo ń retí lọ́wọ́ yín

Iye owó ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà fóònù tí ó máa wà lára ọ̀rá, àti fọ́tò gàrí mẹ́fà, ó pẹ́ tán ní Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kọkànlá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fọ́tò náà ránṣẹ́ bí a ṣe ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lásán, nítorí pé WhatsApp máa ń fún un pọ̀, á wá ṣú. Kí Fúnmi tẹ "Document" kí ó tó mú un. Fọ́tò tí ẹ bá fún mi gbọ́dọ̀ jẹ́ tiyín. Èmi náà kò ní mú àwòrán ẹlòmíì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì wá fi ṣe tiyín.

Owó

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 90,000 fàráǹkì. Àmì ìdánimọ̀ jẹ́ 45,000, ìwé ìlẹ̀mọ́ méjèèjì jẹ́ 20,000, àwòrán mẹ́wàá jẹ́ 25,000.

Ẹ máa san 45,000 ṣáájú gẹ́gẹ́ bí owó àsansílẹ̀. Ọjọ́ tí owó náà bá wọlé ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa san 22,500 nígbà tí ẹ bá ti mú àpẹẹrẹ kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí n tó tẹ̀ síwájú. Ẹ máa san 22,500 tó kù nígbà tí ẹ bá ti rí gbogbo iṣẹ́ náà tí ó sì tẹ́ yín lọ́rùn, kí n tó fi èyí tó mọ́ ránṣẹ́. Kí owó tó pé, gbogbo àwòrán tí ẹ bá rí lọ́wọ́ mi máa ní ọ̀rọ̀ "ÀPẸẸRẸ" gàdàgbà láàrin.

Ẹ bi mí lórí fóònù pé ṣé n kò fọkàn tán yín ni. Mo fọkàn tán yín. Àmọ́ ní ọdún tó kọjá, oníbàárà kan bẹ̀ mí kí n fún òun ní èyí tó mọ́ pé òun máa sanwó ní ọjọ́ kejì. Mo fún un. Àwòrán náà wà lára ọjà rẹ̀ títí di òní, owó kò tíì dé, bẹ́ẹ̀ ni dátà àti iná tí mo fi ṣe é, àpò mi ló ti jáde. Láti ìgbà náà, bákan náà ni mo ń ṣe fún gbogbo èèyàn, àti ẹ̀gbọ́n mi pàápàá.

MoMo la máa lò. Owó ìfiránṣẹ́, ẹni tó bá fi owó ránṣẹ́ ló máa san án: ẹ̀yin nígbà tí ẹ bá ń sanwó, èmi nígbà tí mo bá ń dá owó padà. Lójoojúmọ́ tí owó bá wọlé, mo máa kọ iye rẹ̀ àti iye tó kù ránṣẹ́ sí yín kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àtúnṣe

Ibí ni ìjà ti sábà máa ń ṣẹlẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ gùn.

Ẹ ní àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mẹta lórí àmì ìdánimọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lórí ìwé ìlẹ̀mọ́, àti ẹ̀ẹ̀kan lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ohun tí ẹ bá kó jọ tí ẹ sì fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àtúnṣe kan ni. Bí ẹ bá sọ pé, "Jẹ́ kí gàrí inú igbá pọ̀ sí i, gbé orúkọ sókè díẹ̀, kí àwọ̀ ewé náà dúdú sí i," ohun mẹ́ta lẹ sọ, àmọ́ àtúnṣe kan ni mo máa kà á sí. Bí ẹ bá sọ ti gàrí ní àárọ̀, tí mo ṣe é, tí ẹ wá sọ ti orúkọ ní ọ̀sán, tí mo tún ṣe é, ó di méjì. Nítorí náà, ẹ sùn lé e lórí kí ẹ tó fèsì. Ẹ gbé e jìnnà sójú, ẹ fi han ẹni tí kò mọ̀ nípa rẹ̀, kí ẹ wo ohun tí ó máa kọ́kọ́ rí.

Mo mọ̀ pé ẹ kì í fẹ́ kọ̀wé lórí fóònù. Ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ sórí WhatsApp. Mo máa kọ ohun tí mo gbọ́ padà sí yín, Fúnmi máa kà á, ẹ máa fèsì "Bẹ́ẹ̀ ni", kí n tó fọwọ́ kàn án. Ohun tí a bá sọ lórí ìpè nìkan kò tíì di àtúnṣe títí a fi kọ ọ́ báyìí.

Àṣìṣe tí ó bá ti ọwọ́ mi wá, bíi nọ́ńbà fóònù tí mo kọ òdì tàbí àmì ohùn tí mo gbàgbé, kì í ṣe àtúnṣe. Mo máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Bí àtúnṣe yín bá tán tí ẹ sì fẹ́ sí i, 3,000 fàráǹkì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá wá sọ pé ẹ kò fẹ́ Àkàbà Ìdènà mọ́, pé igi ọ̀pẹ lẹ fẹ́, iṣẹ́ tuntun nìyẹn: 15,000, gbèdéke rẹ̀ á sì yí.

Ẹ̀yin nìkan lẹ ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí iṣẹ́ yìí. Àwọn ọmọ yín ní Kútọnu lè wò ó kí wọ́n sì sọ èrò wọn fún yín, àmọ́ ohun tí ó bá ti ẹnu yín wá ni mo máa ṣe. Mo ti ṣe iṣẹ́ kan rí fún ìdílé kan tí ẹni mẹ́rin ń pàṣẹ níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ni mo tún un ṣe, èyí àkọ́kọ́ ni wọ́n padà mú.

Gbèdéke

Àpẹẹrẹ mẹ́ta máa dé ọwọ́ yín ní Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kọkànlá. Ẹ máa fèsì ó pẹ́ tán ní Ọjọ́bọ̀, 13. Àmì ìdánimọ̀ máa parí ní Ọjọ́bọ̀, 20. Ìyókù máa pé ní Ọjọ́ Ẹtì, 28, kí ẹ lè rí àyè tẹ̀ ẹ́ kí ọjà Kérésì tó gbóná.

Iye ọjọ́ tí ẹ bá fi pẹ́ kí ẹ tó fèsì tàbí kí ẹ tó sanwó, iye ọjọ́ náà ni gbèdéke mi máa fi sún. Bí n kò bá gbọ́ ohùn yín fún ọjọ́ 30, iṣẹ́ náà ti tán nìyẹn, owó tí ẹ ti san kò sì ní padà.

Bí èmi ni mo pẹ́, 2,000 fàráǹkì máa kúrò nínú owó ìkẹyìn fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, títí dé ọjọ́ 10. Lẹ́yìn náà, ẹ lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, mo sì máa dá owó gbogbo ohun tí ẹ kò tíì gbà padà. Iná SBEE tó lọ kì í ṣe àwáwí, nítorí pé mo ti mọ̀ pé ó máa ń lọ kí n tó mú ọjọ́. Àìsàn tàbí òkú nínú ilé ni àwáwí, fún èmi àti fún ẹ̀yin, bí a bá ti sọ fún ara wa lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí ẹnìkan bá fẹ́ dáwọ́ dúró

Bí ẹ bá dáwọ́ dúró kí n tó fi àpẹẹrẹ ránṣẹ́, mo máa mú 15,000 fún ohun tí mo ti ṣe, mo máa dá 30,000 padà láàrin ọjọ́ 3. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí àpẹẹrẹ, 45,000 àkọ́kọ́ ti di tèmi. Bí èmi bá dáwọ́ dúró láìnídìí, mo máa dá gbogbo owó yín padà.

Ẹni tó ni àwòrán

Títí owó á fi pé, èmi ni mo ni ín. Ọjọ́ tó bá pé, àmì ìdánimọ̀ àti gbogbo àwòrán di tiyín, ẹ lè lò ó níbi tó bá wù yín láìtún san nǹkan kan. Láàrin wákàtí 24, mo máa fi SVG, PDF àti PNG rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ fi SVG náà pamọ́ dáadáa, nítorí pé òun ni ẹ lè mú tóbi débi pátákó ẹnu ọ̀nà láìfọ́. Àwọ̀ orí fóònù àti àwọ̀ orí ìwé kì í bára mu tán, ẹ jẹ́ kí atẹ̀wé tẹ ẹyọ kan fún yín wò kí ó tó tẹ púpọ̀. Mo lè fi iṣẹ́ náà han àwọn oníbàárà mi mìíràn. Àwọn àpẹẹrẹ méjì tí ẹ kò mú ṣì jẹ́ tèmi, àmọ́ n kò ní tà wọ́n fún alágàrí mìíràn ní Kétu.

Bí èdè-àìyedè bá dé

A máa kọ́kọ́ jókòó sọ̀rọ̀, pẹ̀lú àgbà kan láti ọ̀dọ̀ yín àti ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ mi. Bí kò bá yanjú láàrin ọjọ́ 15, ilé ẹjọ́ Àjàṣẹ́ ló máa dá a. Òfin Bẹ̀nẹ̀ nọ́ńbà 2017-20 ti 20 Oṣù Kẹrin 2018 ka ìwé orí ẹ̀rọ sí ẹ̀rí, nítorí náà ẹ má pa ọ̀rọ̀ wa lórí WhatsApp rẹ́. Èmi náà kò ní pa á rẹ́.

Ìwé méjì ni, ọ̀kan lọ́wọ́ yín, ọ̀kan lọ́wọ́ mi.

Ràfíù, ayàwòrán, Àjàṣẹ́: mo buwọ́ lù ú, 3 Oṣù Kọkànlá 2025.

Àdùkẹ́, Ìyá Fúnmi, Kétu: mo gbọ́ ọ tán, ó yé mi, mo buwọ́ lù ú, 3 Oṣù Kọkànlá 2025.

Fúnmi, ẹlẹ́rìí: èmi ni mo kà á fún Màmá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.