Ọ̀rọ̀ Ọ̀rẹ́ Ọkọ Níbi Ìgbéyàwó Káyọ̀dé àti Bísọ́lá

Ẹ̀yin òbí ọkọ àti ìyàwó, ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti Òṣogbo àti Kàdúná wá sí Àbújá nítorí tiwa, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, àti ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàrà òyìnbó láti àárọ̀, mo kí gbogbo yín, ẹ kú ìnáwó. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà láti sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Èmi àti Káyọ̀dé jọ gbé yàrá kan ní Kúbwá nígbà tí a kọ́kọ́ dé ìlú yìí. Ọ̀rọ̀ Haúsá kan ṣoṣo tí ó gbọ́ nígbà náà ni “nágódè”, ìyẹn ni ó sì ń fi dáhùn ohun gbogbo: bí wọ́n bá kí i, nágódè ni, bí wọ́n bá bi í léèrè ọ̀nà, nágódè náà ni. Ní Sátidé kan, ó dúró síwájú oníṣòwò tòmátì kan ní ọjà Kúbwá, tí oníyẹn ń pe iye, tí òun ń dúpẹ́, títí ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Kàdúná fi rọra dá sí i, tí ó sì bá a ná ọjà náà. Ọ̀dọ́bìnrin ọ̀hún ni ìyàwó wa tí ẹ ń wò yìí.

Káyọ̀dé bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa kọ́ òun ní Haúsá lọ́jọọjọ́ Sátidé. Ẹ̀kọ́ náà kò tán bọ̀rọ̀. Nígbà tí mo wá gbọ́ tí òun àti ọlọ́dẹ ilé wa ń fi Haúsá tí ó já gaara ṣàwàdà, mo bi í pé kí ni ó tún ń kọ́. Ó ní, “Bí mo bá ní mo ti gbọ́ ọ tán, kí ni n ó máa sọ pé mo ń wá ṣe nílé wọn?”

Ẹ̀rín nìyẹn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àwọn òbí Bísọ́lá mọ irú ẹni tí wọ́n fi ọmọ fún. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ tí ẹbí mi kò sí nítòsí, Káyọ̀dé ni ó gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn lóru, tí ó sun orí bẹ́ǹṣì, tí ó sì gba ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. N kò lè gbàgbé rẹ̀ láéláé.

Bísọ́lá, a dúpẹ́ pé o gbà láti jẹ́ tiwa. Ẹ̀yìn ìyàwó kò ní mẹní o.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde. Ẹni tí ó ní ọtí èso, ẹni tí ó ní sóbò, ẹni tí ó ní omi lásán, ẹ gbé ife yín sókè: fún Káyọ̀dé àti Bísọ́lá!