Ìbéèrè Àfẹnudáhùn fún Ọmọṣẹ́ Aránṣọ, Ìbàdàn

Olùdánwò, jọ̀wọ́ ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ketekete, kí o sì fún ọmọṣẹ́ láàyè láti ronú. Ẹni tó dákẹ́ díẹ̀ lè mọ iṣẹ́ ju ẹni tó yára sọ̀rọ̀ lọ.

Ìbéèrè kìíní: “Oníbàárà kan gbé àǹkárá láti ọjà Gbági wá, ó fẹ́ bùbá àti ìró. Kí ni wàá ṣe kí o tó fi àlùmọ́gàjí kan aṣọ náà?”
Bí kò bá dárúkọ rírẹ aṣọ sómi, má ṣe là á lọ́yẹ̀, bi í pé: “Kí ló lè ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́?” Bí ó bá ní yóò sún kì, bi í pé: “Ibo ni oníbàárà yóò ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára?”

Ìbéèrè kejì: gbé àjákù aṣọ tí òwú ti ta kókó lábẹ́ rẹ̀ lé e lọ́wọ́. “Kí ló fa èyí?”
Bí ó bá dá bọ́bìnì nìkan lẹ́bi, tẹ̀ síwájú: “Òwú òkè ńkọ́? Fi hàn mí bí o ṣe ń fi í sẹ́nu ẹ̀rọ.” Ọwọ́ rẹ̀ ni kí o máa wò níbí.