Lẹ́tà sí Rùkáyátù lórí Ìbéèrè Kejì

Ẹ̀ka Fìlọ́sọ́fì,
Ìlọrin.
16 Okúdù 2025.

Rùkáyátù,

Mo kí ọ kú ọdún Iléyá tó kọjá. Mo rí ìwé tí o tì sábẹ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi. Yorùbá lo fi kọ ọ́, Yorùbá náà ni n ó fi dá ọ lóhùn. O ní kí n tún ìwé ìdánwò rẹ yẹ̀ wò, pé kò yé ọ bí ẹni tó gba 17 nínú 20 ní Ìbéèrè Kìn-ín-ní ṣe lè gba 2 péré ní Ìkejì. Mo ti tún un kà láti òkè délẹ̀. Máàkì náà kò yí padà. Àmọ́ ohun tí o kọ sí ìparí ìwé rẹ, "Sà, báwo ni irọ́ ṣe lè jẹ́ fálídì?", ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí n kàn ní kí o lọ ka nóòtì rẹ.

Irọ́ ò lè jẹ́ fálídì. Òótọ́ náà ò lè jẹ́ fálídì. Gbólóhùn ni a máa ń bi pé ṣé òótọ́ ni àbí irọ́. Ìjiyàn ni a máa ń bi pé ṣé ó fálídì, ìyẹn nígbà tí ẹnì kan bá kó gbólóhùn mélòó kan kalẹ̀, tó fi wọ́n ṣe ìpìlẹ̀, tó wá ní "nítorí náà", tó sì sọ àbájáde. Ohun kan ṣoṣo la sì ń wá lára ìjiyàn náà: ká ní òótọ́ ni gbogbo ìpìlẹ̀ rẹ̀, ǹjẹ́ ọ̀nà kankan wà tí àbájáde rẹ̀ ṣì lè fi jẹ́ irọ́? Bí ọ̀nà bẹ́ẹ̀ bá wà, ìjiyàn náà wó. Bí kò bá sí, ó dúró, ìyẹn ni pé ó fálídì. "Ká ní" yẹn lo fò kọjá. A ò tíì bi ọ́ bóyá òótọ́ ni ìpìlẹ̀ wọ̀nyẹn ní tòótọ́.

Ìbéèrè Kejì gbé ìjiyàn mẹ́ta kalẹ̀ ní (a), (b) àti (c), pé kí o sọ bóyá ọ̀kọ̀ọ̀kan fálídì, kí o sì sọ ìdí rẹ̀. Wo (a):

"Gbogbo ìlú tí ojú irin gbà kọjá ló wà létí òkun. Ojú irin gba Ọ̀fà kọjá. Nítorí náà, Ọ̀fà wà létí òkun."

O kọ ọ́ pé: "Kò fálídì. Ọ̀fà ni wọ́n ti bí ìyá mi, kò sí òkun níbẹ̀." Ẹ̀rín pa mí. Òótọ́ lo sọ nípa Ọ̀fà. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èkó, tó gba Ìbàdàn, tó gba Òṣogbo, kó tó dé Ọ̀fà, ó ti fi òkun sílẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n n ò béèrè ibi tí Ọ̀fà wà. Ohun tí mo béèrè ni bóyá ẹni tó bá gba ìlà méjì àkọ́kọ́ gbọ́ lè kọ ìkẹta. Kò lè kọ̀ ọ́. Bí o bá ti gbà pé gbogbo ìlú tí ojú irin gbà kọjá wà létí òkun, tí o tún gbà pé ojú irin gba Ọ̀fà, o ti gbé Ọ̀fà sétí òkun fúnra rẹ, ìyá rẹ ì báà bínú.

Bí Ọ̀fà bá ń dí ọ lójú, yọ ọ́ kúrò. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún tí Árísítọ́tù ti ń fi lẹ́tà dípò orúkọ nǹkan nítorí irú ìdíwọ́ yìí gan-an:

Gbogbo P ni Q.
x jẹ́ P.
Nítorí náà, x jẹ́ Q.

Fi ohunkóhun tó bá wù ọ́ sí ààyè P, Q àti x. O ò ní rí ibi tí ìlà méjì òkè ti jẹ́ òótọ́ tí ti ìsàlẹ̀ sì jẹ́ irọ́, bí o bá tiẹ̀ wá a títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìdí nìyẹn tí (a) fi fálídì. Ohun tó sì dùn mí ni pé ìmọ̀ tí o ní nípa Ọ̀fà ì bá wúlò fún ọ. O mọ̀ pé irọ́ ni àbájáde. Ìjiyàn sì dúró. Ó túmọ̀ sí pé ọ̀kan, ó kéré tán, nínú àwọn ìpìlẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irọ́. O ò ní pẹ́ rí i: ojú irin gba Ìbàdàn kọjá, Ìbàdàn ò sì sí létí òkun. Ká ní ìjiyàn náà ti wó ni, irọ́ inú àbájáde kò ní lè tọ́ka sí ìpìlẹ̀ kankan.

Èyí tó burú jù lójú tèmi ni (b), nítorí pé ibẹ̀ ni àṣìṣe yìí ti máa ń pa èèyàn lára:

"Bí ìlú kan bá jẹ́ olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kwara, Nàìjíríà ló wà. Ìlọrin wà ní Nàìjíríà. Nítorí náà, Ìlọrin ni olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kwara."

O ní: "Ó fálídì, torí kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀." Lóòótọ́, kò sí. Ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé. Wàyí o, fi Òmù-Àrán sí ibi tí Ìlọrin wà. Òmù-Àrán wà ní Nàìjíríà. Ṣé òun náà wá di olú-ìlú Kwara? Ìlà méjì òkè ṣì jẹ́ òótọ́, ti ìsàlẹ̀ ti di irọ́. Ọ̀nà tí a ń wá nìyẹn, ó sì ti là gbayawu. Àbájáde inú (b) jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ìpìlẹ̀ yẹn ló sọ ọ́ di òótọ́. O ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni, ìmọ̀ tí o ní tẹ́lẹ̀ yìí ló sì bá ìjiyàn náà bo ihò ara rẹ̀.

Gbé e kúrò lórí ìlú, gbé e sórí èèyàn. Ìyá Fúlàní kan ń ta wàrà ládùúgbò yín. Oníbàárà kan ra wàrà láàárọ̀, nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ ó ti kan. Ó fárí gá pé: "Bí wọ́n bá fi omi ìdọ̀tí ṣe wàrà, kíá ló máa ń kan. Wàrà yìí kan kíákíá. Omi ìdọ̀tí ni ìyá yìí fi ṣe é." Àwọn tó dúró mi orí. Kò sí ẹni tó bi í pé níbo ló gbé wàrà náà sí látàárọ̀, tàbí bí oòrùn ṣe mú tó. Ìgbékalẹ̀ ọ̀rọ̀ oníbàárà yìí àti ti (b) kò yàtọ̀ rárá: bí A bá rí bẹ́ẹ̀, B á rí bẹ́ẹ̀, B rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà, A rí bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé omi ìdọ̀tí náà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìjiyàn yìí kò tíì fi hàn, ìyá náà sì lè pàdánù oníbàárà rẹ̀ gbogbo nítorí rẹ̀. Ẹni tó bá ń wò bóyá ọ̀rọ̀ "jọ òótọ́" nìkan ló máa kọ́kọ́ mi orí.

Ní (c), o gba 2 nínú 5:

"Gbogbo ìlú tó wà ní Kwara ni odò Asà gba inú rẹ̀. Ìlọrin wà ní Kwara. Nítorí náà, odò Asà gba inú Ìlọrin."

O dáhùn pé ó fálídì, o sì jàre. Ìdí tí o wá sọ ni pé "gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé Asà gba Ìlọrin." Máàkì 2 wà fún ìdáhùn, 3 wà fún ìdí. Ìdí tìrẹ kò kan ọ̀rọ̀ náà. Ìlà àkọ́kọ́ jẹ́ irọ́ gbáà, síbẹ̀ àbájáde jẹ́ òótọ́, ìjiyàn sì dúró nítorí pé ìgbékalẹ̀ rẹ̀ àti ti (a) kò yàtọ̀. Bí Asà bá gbẹ láàárọ̀ ọ̀la, àbájáde lè di irọ́. Ìjiyàn náà á ṣì fálídì.

O mọ àwọn tó ń hun òfì nílùú yìí. Híhun aṣọ lè dán mọ́rán, kí ọ̀nà rẹ̀ tò, kí etí rẹ̀ gún, kí òwú tí wọ́n fi hun ún sì máa ṣí bí omi bá ti kàn án. Ẹni tí wọ́n ní kó wo híhun kò gbọdọ̀ sọ pé híhun ò dáa nítorí pé òwú ń ṣí. Lọ́jíìkì ń wo híhun. Ta ló ń wo òwú? Ìyẹn wà lọ́wọ́ onímọ̀ ilẹ̀, dókítà, ọlọ́pàá, ìwọ náà tí ìyá rẹ wá láti Ọ̀fà. Ìgbà tí méjèèjì bá dára, tí ìjiyàn fálídì, tí gbogbo ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́, la tó ń pè é ní sáùǹdì. Mo fura pé sáùǹdì ló wà lọ́kàn rẹ ní gbogbo ìgbà tí o kọ fálídì. Ṣùgbọ́n kódà bẹ́ẹ̀, (b) kò lè jẹ́ sáùǹdì, torí ohun tí kò fálídì kò lè dé ibẹ̀, bí òótọ́ inú rẹ̀ ti wù kó pọ̀ tó.

(d) ní kí o kọ ìjiyàn kan tó fálídì tó ní ìpìlẹ̀ irọ́. "Kò ṣeé ṣe" lo kọ síbẹ̀, o sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo fẹ́ràn ìgboyà yẹn. Òdo ni, àmọ́ ó fi hàn mí pé kì í ṣe pé o gbàgbé nǹkan kan, ohun kan lo gbà gbọ́ tí kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tó há tábìlì òótọ́ àti irọ́ sórí, tí wọ́n gba 5 ní (d) láìmọ ohun tí wọ́n kọ. N kì í ya tábìlì yẹn sójú bọ́ọ̀dù mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Tẹ́ẹ̀sì kékeré kan ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kàn, 10 ni máàkì rẹ̀, gbogbo kíláàsì ni yóò sì ṣe é. Kó tó dìgbà náà, kọ ìjiyàn mẹ́ta: ọ̀kan tó fálídì tí gbogbo gbólóhùn inú rẹ̀ jẹ́ irọ́, ọ̀kan tí kò fálídì tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ òótọ́, àti ọ̀kan tó jẹ́ sáùǹdì. Má fi Ìlọrin tàbí Ọ̀fà sí i, mo ti ná wọn tán. Fún èyí tí kò fálídì, kọ àpẹẹrẹ tó wó o sí abẹ́ rẹ̀, bí mo ṣe fi Òmù-Àrán wó (b). Mo wà ní ọ́fíìsì ní Ọjọ́bọ̀ láti aago mẹ́wàá títí di ìgbà tí wọ́n bá pe ìrun Àsúrù. Mú ìwé ìdánwò rẹ dání. Ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ máa ń jókòó níwájú náà kọ "ó fálídì" sí (b), sọ fún un kó bá ọ wá.

Èmi ni,
Dókítà Àjàdí,
olùkọ́ rẹ ní Lọ́jíìkì.