Iṣẹ́ Ẹ̀gbọ́n-Kọ́-Àbúrò: Jíjù, Híhán àti Fífò Lẹ́sẹ̀ Kan

Àwọn tó wà fún: ọmọ Kíláàsì 5 mẹ́rìnlélógún (ẹ̀gbọ́n) àti ọmọ Kíláàsì 2 mẹ́rìnlélógún (àbúrò), Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì
Àkókò: téèmù kejì, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, aago 8:40 sí 9:20 àárọ̀
Ohun èlò: bọ́ọ̀lù àkísà 24, eérú tí a ó fi fa ìlà, àkísà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ 24, pẹ́ńsù 24, páálí 24 tí wọn yóò fi tẹ́ ìwé, fèrè 1

Ẹ̀yin olùkọ́ kíláàsì méjèèjì, ẹ kú iṣẹ́. Àlàyé iṣẹ́ tí a jọ sọ̀rọ̀ lé lórí nìyí.

Ohun méjì ni mo ń wá. Mo fẹ́ kí àbúrò mọ bọ́ọ̀lù jù, kí ó mọ̀ ọ́n hán, kí ó sì lè fi ẹsẹ̀ kan fò láì ṣubú. Mo sì fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n kọ́ bí a ti ń wo ènìyàn: kí ó rí ohun kan ṣoṣo tí àbúrò rẹ̀ ṣe, kí ó sì fi gbólóhùn kúkúrú sọ ọ́. Èyí kejì ló jẹ mí lógún jù, nítorí ọmọ ọdún mẹ́wàá tó mọ̀ ọ́n ṣe pọ̀ láàárín wa, ṣùgbọ́n àwọn tó lè sọ bí wọ́n ṣe ṣe é kò tó nǹkan.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dán irú iṣẹ́ yìí wò, ohun mẹ́sàn-án ni mo kọ sínú ìwé àkíyèsí. Gbogbo ìwé ló padà wá pẹ̀lú “bẹ́ẹ̀ ni” láti òkè délẹ̀, kódà ti ọmọ tó ń fẹ̀yìn sí bọ́ọ̀lù. Kò sí ẹni tó wo nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí ìwé kọ̀ọ̀kan fi ní ohun mẹ́ta péré báyìí.

Bí a ó ṣe so wọ́n pọ̀

Ẹ má ṣe fi tẹ̀gbọ́n-tàbúrò inú ilé kan náà sí ibì kan, nítorí ìjà àná lórí ẹran yóò tẹ̀ lé wọn dé pápá. Ẹ má sì ṣe rò pé ẹni tó gbóná jù nínú bọ́ọ̀lù ni yóò kọ́ni dáadáa jù. Ọmọ tó fi ìyà kọ́ ọ ló máa ń mọ ibi tó ti ń dun ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ èdè Èkìtì ilé wọn fún ara wọn. Ọmọ Kíláàsì 2 yóò tètè gbọ́ ọ.

Ìpàdé kìíní: ẹ̀gbọ́n nìkan

N ó dúró níwájú wọn, n ó ju bọ́ọ̀lù lọ́nà tí kò dára: n ó fi àyà kojú ibi tí mò ń jù ú sí, ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ọwọ́ ọ̀tún yóò jáde pọ̀. Wọn yóò sọ ohun tí wọ́n rí. Ẹni tó bá ní “kò dáa” yóò tún un sọ títí tí yóò fi dárúkọ ẹ̀yà ara kan. Lẹ́yìn náà, a ó ka ọ̀rọ̀ yìí fún wọn, wọn yóò sì tún un kà lẹ́nu:

> Kọ́kọ́ kí àbúrò rẹ, kí o bi í bó ṣe sùn. Ṣe é hàn án lẹ́ẹ̀mejì, má sọ̀rọ̀. Jẹ́ kí ó ṣe é lẹ́ẹ̀márùn-ún, kí o máa wò, kí o máa kọ. Sọ ohun kan tó ṣe dáadáa. Sọ ohun kan tí yóò yí padà. Jẹ́ kí ó tún ṣe é. Ọwọ́ rẹ kò gbọdọ̀ kan orí ọmọ, ẹnu rẹ kò gbọdọ̀ pè é ní olódo.

Ìpàdé kejì àti ìkẹta: jíjù

Ọmọ kékeré máa ń fi apá nìkan jù, ara rẹ̀ kì í yí. Ohun tó ń tú u sílẹ̀ ni ẹsẹ̀ òdìkejì. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá ń jù, ẹsẹ̀ òsì ló ń lọ síwájú. A ó so àkísà pupa mọ́ ẹsẹ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n yóò sì máa sọ pé: “Pupa síwájú, jù!” Ara ògiri, ìgbésẹ̀ àgbà 8 sí ìlà eérú, ni wọn yóò jù ú sí.

Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ tó bá ń fi ọwọ́ òsì jù, ẹ má pa ọwọ́ rẹ̀ dà. A kì í fi òsì fún àgbà ní nǹkan, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ògiri kì í ṣe àgbà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni a ó so àkísà tirẹ̀ mọ́.

Ìwé àkíyèsí tí ẹ̀gbọ́n kan kọ lọ́jọ́ tí a dán an wò nìyí. N ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kíláàsì kí gbogbo wọn rí bí ìwé tó sọ òótọ́ ṣe ń rí:

| Ohun tí mo wò | 1 | 2 | 3 | 4 | 5 |
|---|---|---|---|---|---|
| Ó fi ẹ̀gbẹ́ kọjú sí ògiri | ✗ | ✗ | ✓ | ✓ | ✓ |
| Ẹsẹ̀ pupa lọ síwájú | ✗ | ✗ | ✗ | ✓ | ✗ |
| Ọwọ́ rẹ̀ kọjá síwájú lẹ́yìn tó jù ú tán | ✓ | ✓ | ✓ | ✓ | ✓ |

*Ohun tí mo yìn:* ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró lójijì.
*Ohun tí mo ní kí ó yí padà:* ẹsẹ̀ pupa.

Ẹ wo ìlà kejì. Ìlà tó ní ✗ mẹ́rin yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọmọ náà wo àbúrò rẹ̀ ní tòótọ́.

Ìpàdé kẹrin àti ìkarùn-ún: híhán

Ẹ̀rù ni ọ̀tá híhán. Ọmọ tí bọ́ọ̀lù líle ti gbá lójú rí yóò máa yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdí nìyẹn tí a fi ń lo àkísà. Ẹ̀gbọ́n yóò rọra jù ú láti ìsàlẹ̀, ní ìgbésẹ̀ 3. Ohun mẹ́ta tí yóò wò: ojú rẹ̀ wà lára bọ́ọ̀lù títí ó fi dé ọwọ́, ó na ọwọ́ pàdé rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ ló fi hán an, kì í ṣe àyà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ni: “Lọ pàdé rẹ̀.”

Ìpàdé kẹfà àti ìkeje: fífò lẹ́sẹ̀ kan

Wọ́n ti mọ èyí nínú súwè. Fífò márùn-ún lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, márùn-ún lẹ́sẹ̀ òsì, láì wọ bàtà, lórí ibi tí a ti ṣa òkúta kúrò. Ẹ̀gbọ́n yóò wo bóyá ó ń fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ balẹ̀, bóyá ẹsẹ̀ tó wà lókè ń fì bọ̀ síwájú láti ràn án lọ́wọ́, àti bóyá ọwọ́ méjèèjì ń bá a fì. Yóò kọ ti ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, nítorí ẹsẹ̀ kan sábà máa ń dá ju èkejì lọ, èyí kì í sì í ṣe àléébù.

Ààbò

Gbogbo ènìyàn ń jù sí apá kan ṣoṣo, kò sì sẹ́ni tí yóò lọ mú bọ́ọ̀lù kí fèrè tó dún. Ọmọ tó ní ikọ́ fée yóò rọra ṣe é nígbà ọyẹ́, kí oògùn fífà rẹ̀ wà nítòsí. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹ́sì-ẹ́sì yóò máa mu omi, yóò sì jókòó nígbàkígbà tó bá ní ó rẹ òun. Ẹ kìlọ̀ èyí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣáájú, kí ó má pè é ní ọ̀lẹ.

Ìwé àkíyèsí tèmi

Ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan, láti ìkejì dé ìkeje, n ó dúró ti ẹgbẹ́ mẹ́rin fún ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n ni n ó máa wò, n ó sì kọ èsì sí ìbéèrè mẹ́ta: Ṣé ó wò kó tó sọ̀rọ̀? Ṣé ohun kan ló sọ, àbí mẹ́fà? Ṣé àbúrò tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà? Fún ẹgbẹ́ 7 lọ́jọ́ ìdánwò, mo kọ ọ́ báyìí: “Ó wò. Ó sọ ohun mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọ náà kàn ń wò ó. Mo ní kí ó mú ẹyọ kan. Ó mú ẹsẹ̀, jíjù tó tẹ̀ lé e sì yàtọ̀.”

Ìpàdé kẹjọ

Àbúrò kọ̀ọ̀kan yóò jù, yóò hán, yóò sì fò, ẹ̀ẹ̀márùn-ún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mìíràn, tí kì í ṣe tirẹ̀, ni yóò kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an yóò gbé ìwé ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ti òní síwájú rẹ̀, wọn yóò jọ ka ✓ tó wà nínú méjèèjì, àbúrò yóò sì mú ìwé méjèèjì lọ sílé.