Sí Àṣàkẹ́, lórí ọ̀rọ̀ ìpara àti owó ilé

Àṣàkẹ́ mi,

Mo kí ọ o, mo kí Mọ́mì náà. Ṣé ọyẹ́ ti rọ̀ díẹ̀ ní Lúgbè? Níbí ní Kúbwà, eruku la fi ń jẹun.

Ọ̀rọ̀ kan ló wà lọ́kàn mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé bí mo bá pè ọ́, ẹ̀rín ni wàá fi gbé e gba ibòmíràn, èmi náà á sì bá ọ rín in. Ọ̀rọ̀ owó ìpara ni. Jọ̀ọ́, kà á tán ná kí o tó bú mi.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọ fóònù mi láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù. Wọ́n kọ orúkọ rẹ ní kíkún, wọ́n ní o jẹ àwọn ní 65,000 náírà, wọ́n ní kí n kìlọ̀ fún ọ. Mo pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. N kò fi han ẹnikẹ́ni, àní bàbá Tóbi pàápàá kò mọ̀. Ìwà ìkà ni wọ́n hù, láti 2022 sì ni àjọ FCCPC tó ń gbèjà àwọn oníbàárà ti ń lé irú wọn kiri nítorí ìdójútini yìí, o lè fẹjọ́ wọn sùn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá lè dé ọ̀dọ̀ mi, ó lè dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́, ó lè dé ọ̀dọ̀ Àǹtí ní Ìlọrin. Nítorí kí ni? Nítorí sírọ́ọ̀mù ojú.

Jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀ wò. Ìwọ lo sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ara rẹ pé 180,000 náírà ló ń wọlé fún ọ lóṣù. Lóṣù tó kọjá, sírọ́ọ̀mù fítámì Sì gba 32,000, ìpara alẹ́ tó ní rẹ́tínọ́ọ̀lù gba 27,500, èyí tó ń dáàbò bo ojú lọ́wọ́ oòrùn gba 21,000, tónà tó o fi ń nu ojú gba 14,500. Ìyẹn 95,000 náírà. Nínú 85,000 tó kù lo ti ń wọkọ̀ lọ sí Sẹ̀kìtéríàtì lójoojúmọ́, ibẹ̀ lo ti ń jẹun, ibẹ̀ lo ti ń ra dátà, ibẹ̀ náà lo ti ń fún Mọ́mì lówó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Lánlọ́ọ̀dù sì ń retí 600,000 lóṣù Kẹta. Ọ̀rẹ́ mi, níbo ni yóò ti wá?

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ lo mú nǹkan wọ́n. Dọ́là ni wọ́n fi ń kó àwọn ìpara Kòríà yìí wọlé, láti oṣù Kẹfà 2023 tí ìjọba sì ti tú náírà sílẹ̀, dọ́là kan tí kò tó 500 náírà ní báǹkì tẹ́lẹ̀ gun òkè kọjá 1,500 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Owó oṣù tìrẹ kò bá a gun òkè. Ìgò kan náà tí apá rẹ ká nígbà yẹn ti di ohun tí à ń yáwó rà.

Bí ojú rẹ bá ń dáa sí i, bóyá ǹ bá pa ẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí ọ níjọ́sí, ẹ̀gbẹ́ imú rẹ ń bó, o ní ó ń ta ọ́ bí o bá fi omi kàn án. O sọ pé ìdọ̀tí ló ń jáde kó tó mọ́. N kò rò bẹ́ẹ̀. Ásíìdì tó ń họ awọ ara lo fi ń nu ojú láàárọ̀, rẹ́tínọ́ọ̀lù lo ń pa lé e lálẹ́, nínú ọyẹ́ tó ń fa omi ara gbẹ yìí! Èyí tó burú sí i ni pé o kì í fún ọ̀kan láyè. Awọ ojú máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó pààrọ̀ ara rẹ̀, ìwọ a sì ti sọ ọ́ ní ọjọ́ karùn-ún pé kò ṣiṣẹ́, o ti ń wo òmíràn lórí Ínsítágíráàmù. Bí ẹni ń hú èbù iṣu wò lójoojúmọ́ bóyá ó ti ta ni. Fítámì Sì tó o gbé síbi fèrèsé náà ti di pupa rẹ́súrẹ́sú. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ti bà á jẹ́ kó tó dé ìdajì.

N kò ní kí o má tọ́jú ara o. Ta ni kò mọ̀ pé o rẹwà, tó o sì fẹ́ràn kó máa hàn? Má fi ti oòrùn sílẹ̀, torí oòrùn Àbújá ló ń mú kí àpá irorẹ́ rẹ pẹ́ lójú kó sì dúdú sí i. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n kọ SPF 30 sí lára ń dí nǹkan bí ìdá 97 nínú 100 ìtànṣán tó ń jóni lára, SPF 50 ń dí bí 98. Kì í ṣe ìdá kan yẹn la ó máa tìtorí rẹ̀ san owó ìlọ́po méjì. Ọṣẹ tí kì í gbóná lójú, ìpara kan tó ń mú ojú rọ̀, àti ti oòrùn: wọ́n tó ná. Fún ara, òrí tí wọ́n ń kó wá láti Bídà àti Mínná wà lọ́jà Kúbwà, kò sí ohun tó ń bá ọyẹ́ jà bí i rẹ̀. Kí irorẹ́ náà sì lè ní ojútùú, jẹ́ kí dókítà awọ ara wò ọ́ ní ilé ìwòsàn ńlá Gwagwaládà. Mo rò pé ìmọ̀ràn rẹ̀ kò ní wọ́n tó tónà yẹn.

Èyí tí n kò ní ṣe jẹ́jẹ́ sọ ni ti ìpara inú ike funfun tí obìnrin Wúsè yẹn pò fún ọ. Kò ní orúkọ, kò ní nọ́ńbà NAFDAC, ó sì mú ọrùn rẹ pọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń bá haidirokuínónì tó ń bó àwọ̀ tàbí mẹ́kúrì nínú wọn, mẹ́kúrì sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Sọ ọ́ nù lónìí. Má fún ẹnikẹ́ni.

Mo mọ ibi tí gbogbo èyí ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà ìgbéyàwó Gwárínpà ni, tí ìyá ọkọ àfẹ́sọ́nà yẹn wò ọ́ lójú tó ní ṣé irorẹ́ yìí kò ní ran ọmọ. Ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí àgbàlagbà sọ ni. Ọmọkùnrin náà ti lọ, ìyá rẹ̀ ti lọ, ìwọ ṣì ń ná owó láti dá wọn lóhùn.

Ohun tí mo rò rèé. Àwọn tí o kò tíì ṣí, ká jọ tà wọ́n, àwọn ọmọ ọ́fíìsì mi á rà wọ́n bí owó bá fi díẹ̀ rẹlẹ̀. Mo ní 30,000 tí mo lè yá ọ láìní èlé, má san án títí di oṣù Kẹrin, ká fi kún un san gbèsè orí fóònù yẹn kó lè kúrò nílẹ̀. Kúrò nínú gúrúùpù Wáásáàpù àwọn tó ń jẹ́ kí o gbé ọjà kí o máa sanwó díẹ̀díẹ̀. Àjọ wa náà ṣì ní àyè ẹnì kan, 20,000 lóṣù. Mo ti bá alájọ sọ̀rọ̀, ó ní òun lè jẹ́ kí o kó ṣáájú oṣù Kẹta nítorí owó ilé, n kò sì sọ ìdí fún un.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, màá gba ọkọ̀ wá lẹ́yìn iṣẹ́ ilé, á tó aago mọ́kànlá. Kó gbogbo ìgò náà sórí tábìlì, má fi ìkankan pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì o. Màá gbé ẹja Kúbwà dání, kí ìwọ sì se àmàlà.

Èmi ni tìrẹ,
Títí