Ẹ Kà Á Sókè

"Ibi méjì péré lẹ máa fọwọ́ sí, Màmá: ìsàlẹ̀ ojú ewé kejì àti ìsàlẹ̀ èyí tó kẹ́yìn." Ẹ́jẹ́ńtì ti ṣí ìdérí bírò, ó nà án sí Ìyá Àdùkẹ́. "Bákan náà ni gbogbo àgíríméǹtì rí. Àwọn tó wà lápá òsì yẹn, orí ìdúró ni wọ́n ti fọwọ́ sí tiwọn."

Ìyá Àdùkẹ́ gba ìwé náà, kò gba bírò.

"Ọmọ mi, mo ń mú un lọ sílé. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wàá rí mi."

"Ẹlòmíràn ń fojú sí ṣọ́ọ̀bù yìí o."

"Kó dákun fún mi di ọ̀la."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ń já. Láti ìgbà tí Àdùkẹ́ ti wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ti ń pàtẹ ìkòkò àti abọ́ sí gbangba. Bí òjò bá ṣú, á sáré fi tapólì bò ó. Bí alẹ́ bá lẹ́, á sanwó fún ẹni tó ń bá a kó ọjà pamọ́. Ṣọ́ọ̀bù tó ní ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ohun tó ti ń gbàdúrà fún láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn.

Síbẹ̀, owó tó fẹ́ san kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ọkọ rẹ̀ ti kó èsúsú tirẹ̀ sí i. Délé àbúrò rẹ̀, tó ń ṣe kápẹ́ńtà, ti yá a lára owó tó ń kó jọ láti fi ra ẹ̀rọ ìfági. Bọ́sẹ̀ àbíkẹ́yìn wọn náà ti mú díẹ̀ wá. Tó bá fọwọ́ sí ohun tí kò yé e, gbogbo wọn ló fọwọ́ sí i.

Lálẹ́, wọ́n pé sí pálọ̀. Màmá, ìyá tó bí Ìyá Àdùkẹ́, jókòó sórí àga tó súnmọ́ iná.

"Àdùkẹ́, kà á sókè," ni ìyá rẹ̀ wí. "Má fo nǹkan kan. Bó ṣe nọ́ńbà, kà á. Bí o bá ti ka gbólóhùn kan, kí o sọ ọ́ lọ́nà tí màmá àgbà á fi gbọ́."

Ojú ewé kìíní kò pẹ́. Orúkọ onílé, orúkọ ìyá, ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà, ọdún mẹ́ta, owó ọdọọdún, oṣù tí a ó máa san án. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ títí Àdùkẹ́ fi dé ojú ewé kejì.

"'Ẹni tó gba ilé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹlòmíràn lo ibikíbi nínú ṣọ́ọ̀bù náà, ìbáà sanwó, ìbáà má san.'"

Bọ́sẹ̀ gbójú sókè. Lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yẹn ni wọ́n ti jọ sọ pé á gbé maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ sí. Ó ti lọ wọn ibẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó kàn rọra bọ́ ọ, ó ń ká a mọ́ ìka.

"Èmi nìyẹn," ló wí.

"A ó bá wọn sọ ọ́," ni Ìyá Àdùkẹ́ dáhùn. "Máa kà á lọ."

"'Ẹni tó gba ilé ni yóò máa ṣe gbogbo àtúnṣe, ti inú àti ti ìta, títí kan ògiri àti òrùlé.'"

"Òrùlé kẹ̀?" Délé dìde. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo gun òrùlé yẹn. Igi tó gbé páànù lápá ẹ̀yìn ti jẹrà. Mo fi ìṣó gún un lásán, ìṣó wọlé, mi ò lo òòlù. Kẹ́ ẹ tó tú ẹrù yín tán lẹ ó ti máa rapákó."

Wọ́n sọ̀rọ̀ lórí òrùlé náà títí ó fi sú Àdùkẹ́, ló bá ń ka ìyókù kíákíá. Irú ibẹ̀ gan-an, níbi tí ojú ti ń rẹ ènìyàn, ni àwọn tó ń kọ ìwé báyìí ń fi ọ̀rọ̀ tó wúwo jù sí. Bàbá Àdùkẹ́ ló dá a dúró.

"Tún ìyẹn kà."

"'Onílé lè gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ padà nígbàkígbà tó bá wù ú, lẹ́yìn tó bá ti fún ẹni tó gbà á ní ìwé ọjọ́ méje.'"

"Padà sí ojú ewé kìíní. Ọdún mélòó ni wọ́n ní?"

"Ọdún mẹ́ta, bàbá mi."

"Bí ọjọ́ méje bá lè lé ènìyàn jáde, níbo ni ọdún mẹ́ta wà?"

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Àdùkẹ́ ka ìlà tó gbẹ̀yìn pátápátá, èyí tí wọ́n tẹ̀ wínníwínní sókè ibi ìfọwọ́sí: "'A ti ka ìwé yìí sí etígbọ̀ọ́ ẹni tó gba ilé, a sì túmọ̀ rẹ̀ fún un ní èdè tó gbọ́. Ó yé e yékéyéké kí ó tó fọwọ́ sí i.'"

Màmá na ọrùn. "Ta ló kà á fún ọ?"

"Kò sí, Màmá. Bírò ni wọ́n nà sí mi."

"Wọ́n fẹ́ kí o fọwọ́ ara rẹ jẹ́rìí pé wọ́n kà á fún ọ?" Ohùn ìyá arúgbó náà gbọ̀n. "Lọ sọ fún wọn pé àwa la kà á. Kí o sì sọ ohun tí a rí níbẹ̀."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun, ọkọ rẹ̀ àti Délé jọ lọ ni. Ẹ́jẹ́ńtì ní wọn ò gbọ́dọ̀ yí ọ̀rọ̀ lọ́yà padà. Délé mú un lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó fi igi náà hàn án. Ẹ́jẹ́ńtì padà wá, ó pe onílé lórí fóònù.

Wọ́n pẹ́ lórí ìpè náà. Onílé gbà pé kí ọjọ́ méje di oṣù mẹ́ta, kó má sì jẹ́ nígbàkígbà, àfi bí owó ilé kò bá wọlé. Ní ti òrùlé, ó ní òun kò ní owó lọ́wọ́. Wọ́n wá fẹnu kò pé kí Délé ṣe é, kí wọ́n kó rìsíìtì igi àti páànù wá, kí wọ́n yọ ọ́ lára owó ọdún kejì.

"Ó ti gbọ́, Màmá," ni ẹ́jẹ́ńtì wí. "Kò ní yẹ̀ ẹ́. Ẹ fọwọ́ sí i."

"Kí lọ́yà kọ ọ́ sínú rẹ̀ ná."

Maṣíìnì Bọ́sẹ̀ nìkan ni onílé kò gbà. Ó ní òun kò fẹ́ ẹni méjì nínú ṣọ́ọ̀bù kan, kò sì yí ohùn padà.

Nígbà tí wọ́n gbé ìwé tuntun dé, Àdùkẹ́ kà á lójú gbogbo wọn, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìyá Àdùkẹ́ mú bírò, ó tún fi í sílẹ̀. Ó pe àbúrò rẹ̀.

"Bọ́sẹ̀, wọn ò gbà fún ẹ. Bí o bá ní kí n má fọwọ́ sí i, n ò ní fọwọ́ sí i. Owó rẹ wà níbẹ̀."

Bọ́sẹ̀ kò tètè fọhùn.

"Àǹtí mi, ẹ fọwọ́ sí i. Ó ṣáà dùn mí. Ṣùgbọ́n ká ní mo ti gbé maṣíìnì débẹ̀ kí wọ́n tó lé mi jáde lójú àwọn oníbàárà mi ńkọ́? Ẹ fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ bá mi wá ibòmíràn."

"Tí mo bá ti pa owó àkọ́kọ́ níbẹ̀, tìẹ ni."

Ó fọwọ́ sí i lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Ọkọ rẹ̀ fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ẹ́jẹ́ńtì ń kó ìwé náà sínú fáìlì nígbà tí Ìyá Àdùkẹ́ na ọwọ́.

"Ẹ̀dà tèmi dà?"

"Ẹ máa rí i gbà tó bá yá, Màmá."

Ìyá Àdùkẹ́ fa àga, ó jókòó. "Mo ń dúró dè é."

Délé ti gbé àkàbà lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ń ka iye igi tó máa rà.