Àbá Ìwé: Ẹ̀rí Kò Tó

Sí Olóòtú Àgbà,

Inú iṣẹ́ ìwádìí tí mo fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ni ìwé yìí ti jáde, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni mo dì ránṣẹ́. Mo ti yọ orí méjì tí mo fi to iṣẹ́ àwọn aṣáájú àti ìlànà ìwádìí kúrò. Nítorí àwọn olùyẹ̀wò nìkan ni mo ṣe kọ wọ́n. Ìyókù ni mo ń tún kọ bí ìtàn.

Ohun tí ìwé náà ń sọ

Láti 1849 ni John Snow, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ti ń sọ pé omi ló ń gbé àrùn onígbáméjì kiri. Ní 1854 ó fi iye àwọn tó kú nítòsí páǹpù òpópónà Broad gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìlera ìjọba kọ̀ ọ́. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ burúkú ni. Èrò mi ni pé ẹ̀rí nìkan kì í sún aláṣẹ ṣe nǹkan, àfi bí ìyà náà bá kan òun gan-an.

Àwọn orí

Orí Kìíní, Páǹpù. Orí kẹta ni tẹ́lẹ̀. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn báyìí. Àlùfáà Henry Whitehead jáde láti já Snow nírọ́, ló bá di alátìlẹ́yìn rẹ̀. Inú àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé ni mo há a mọ́ nígbà náà. Ní báyìí, òun ni òǹkàwé yóò máa tẹ̀ lé láti ilé dé ilé. Máàpù kan ló sì gba ipò gbogbo tábìlì.

Orí Kejì, Òórùn. Ní 1858, òórùn odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, owó sì jáde fún ọ̀nà ìdọ̀tí abẹ́ ilẹ̀ tí ẹnjiníà Joseph Bazalgette là. Òórùn ni wọ́n ń lé, àrùn ni wọ́n lé bá a.

Orí Kẹta, Odò Kan, Ìlú Méjì. Ní 1892, ìlú Altona ní Jámánì ń fi iyanrìn sẹ́ omi odò Elbe. Hamburg tó bá a pààlà kò sẹ́ ẹ, ó sì lé ní 8,000 ènìyàn tí onígbáméjì pa níbẹ̀. Orí méjì ni mo pa pọ̀ síbí, òun ló sì gùn jù.

Orí Kẹrin, Iyọ̀ àti Ṣúgà. Kò sí nínú iṣẹ́ àtijọ́. Ní 1971, nígbà tí omi ìfàsára ń tán ní àgọ́ àwọn tí ogun lé wá láti Bangladesh, dókítà Dilip Mahalanabis fún àwọn tí onígbáméjì mú ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà mu. Ẹ̀rí ti wà ṣáájú. Àìní ló jẹ́ kí wọ́n lò ó.

Àwọn òǹkàwé

N kò ní sọ pé gbogbo ayé ni. Àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ ìlera ìlú ni àkọ́kọ́, pẹ̀lú àwọn olùkọ́ wọn, nítorí orí kọ̀ọ̀kan ṣeé kà fún kíláàsì kan. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó fẹ́ràn ìtàn tí wọn kò sì ní ìmọ̀ ìṣègùn. Kò sí ìṣirò tí ẹnjiníà omi ń wá níbẹ̀.

Gígùn àti àkókò

Ọ̀rọ̀ 70,000, máàpù mẹ́ta. Orí Kìíní àti Ìkẹta ti wà nílẹ̀, ẹ lè béèrè wọn. Ìyókù yóò pé láàárín oṣù mẹ́sàn-án. Iṣẹ́ ìwádìí náà wà ní ibi ìkówèésí yunifásítì, ṣùgbọ́n ohun tí ìwé yìí bá a pín ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ kò tó ìdá mẹ́ta.